Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù sí sitípùṣéèsì anátọ́mì wa: ẹ bá mi to táìmùtébù

Àdùkẹ́_Ọdún_Kìíní

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún àkọ́kọ́ mi nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn nìyí, lẹ́yìn ọdún ìpìlẹ̀. Òní ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gééré sí sitípùṣéèsì, ìdánwò práktíkà anátọ́mì wa. Ọwọ́ àti àyà nìkan ni wọ́n máa bi wá, a ò tíì dé ikùn àti ẹsẹ̀. Ogójì ibùdó ni, ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ sí ìkọ̀ọ̀kan. Agogo á dún, kálukú á sún sí iwájú.

Ìṣòro mi kì í ṣe ìwé. Bí ẹ bá jí mi lóru pé kí n ka àwọn ẹ̀ka bírékíà pẹlẹ́kísọ́ọ̀sì, ìdìpọ̀ náàfù tó gba abíyá lọ sí ọwọ́, màá kà á tán kí n tó yajú. Àmọ́ tí mo bá dé iwájú kadáfà, òkú tí a fi ń kẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ohun tó wà nínú abíyá ló jọra wọn, bí ẹran tí wọ́n bọ̀ gbàgbé sórí iná. Náàfù, átẹ́rì, féènì, àwọ̀ kan náà ni.

Yàrá anátọ́mì ń ṣí fún wa ní ọ̀sán Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráídeè. Mo ní àpótí egungun tí mo yá lọ́wọ́ ẹni tó ti kọjá. Àwọn ẹ̀kọ́ tó kù kò dúró o, fisiọ́lọ́jì àti bayokẹ́mísìrì náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe pín in?

Nọ́ọ̀sì_Àlàáfíà

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Práktíkà ò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Kí aláìsàn dáadáa, sọ orúkọ rẹ fún un, fọ ọwọ́ rẹ kí o tó fọwọ́ kàn án, gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì máa sọ ohun tí o ń ṣe bí o ṣe ń ṣe é. Ohun tó ń gba máàkì nìyẹn. Ra teṣíkóòpù tó dára.

Àdùkẹ́_Ọdún_Kìíní

Ẹ ṣeun mà. Aláìsàn tiwa ti kú mà, kò lè fún mi láyè. Orí òkú ni wọ́n ti ń gún píìnì sí nǹkan tí wọ́n á ní kí a dárúkọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àlàáfíà

Háà! Mo ti ṣì í kà. Ọlọ́run á ràn ẹ́ lọ́wọ́, mi ò mọ̀ sí ìyẹn rárá.

Dókítà_Ọ̀bẹ

Àdùkẹ́, mo kọ́ni nínú yàrá anátọ́mì fún ìgbà díẹ̀ kí n tó wọ iṣẹ́ abẹ, mo sì ti bá wọn to sitípùṣéèsì rí. Ohun tí màá kọ́kọ́ sọ ni pé o ò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti yàrá kí wọ́n lè gún píìnì, kí wọ́n sì to àwọn ibùdó. Ibi tí mo wà, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn látòkèdélẹ̀ ni wọ́n fi ń tì í. Lọ bi àwọn tó ń bójú tó yàrá yín léèrè lọ́la. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀sán mẹ́sàn-án péré ni ìwọ àti kadáfà á fi rí ara yín. Orí ọ̀sán mẹ́sàn-án yẹn ni kí o kọ́lé sí, kí ìwé alẹ́ máa tẹ̀ lé e.

Bí màá ṣe pín in nìyí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, abíyá àti apá ni kí o fi ọ̀sán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Mọ́ńdè, iwájú àyà lókè àti abíyá. Wẹ́sìdeè, iwájú apá dé kòtò ìgúnpá. Fúráídeè, yí òkú náà padà, kí o wo ẹ̀yìn ejìká àti tíráísẹ́ẹ̀pù, iṣan ẹ̀yìn apá, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í yí i dé. Alẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, egungun ọwọ́ nìkan. Mú un dání, di ojú, sọ èyí tó jẹ́ iwájú, òkè àti ìhà tó kọjú sí ara, kí o wá sọ bóyá tọ̀tún ni tàbí tòsì.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sán kan fún iwájú ìgbọ̀nwọ́, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ọ̀kan fún ẹ̀yìn rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀sán kẹta, bẹ̀rẹ̀ ògiri àyà, kí o sì kó ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì jáde wò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sán kan fún ọkàn, ọ̀kan fún ohun gbogbo tó wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Èyí tó kẹ́yìn, má ṣe kọ́ nǹkan tuntun kankan. Gbogbo tábìlì tó wà nínú yàrá ni kí o rìn yí ká, nítorí pé kadáfà yín nìkan kọ́ ni wọ́n máa gún. Abíyá tí o mọ̀ lórí tábìlì kẹta lè dàrú mọ́ ọ lójú lórí tábìlì keje tí ọ̀rá ti pọ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìdánwò àfiṣeré, lójoojúmọ́. Màá padà sí ìyẹn.

Tóbi_Egungun

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn. Ó yẹ kí ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kìíní ṣe egungun, kó má tilẹ̀ wọ yàrá. Egungun ni ìpìlẹ̀. Bí o bá mọ ibi tí iṣan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí lórí egungun, o ti mọ iṣan náà, o ti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Èmi ò fọwọ́ kan kadáfà títí egungun fi parí, mo sì yege dáadáa.

Nípa àwọ̀, ọ̀nà kan wà. Fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Tó bá ní ihò nínú tí ògiri rẹ̀ sì nípọn, átẹ́rì ni. Tó bá rọ̀ tó sì fẹ̀ pẹrẹsẹ, féènì ni. Tó bá le gbandi bí okùn, tí kò ní ihò, náàfù ni. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Dókítà_Ọ̀bẹ

Tóbi, ìdajì òótọ́ ni, ìdajì yẹn sì wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n “kò sí àṣìṣe níbẹ̀” yẹn ló máa kó bá a. Ẹ̀jẹ̀ máa ń dì sínú féènì òkú. Féènì tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀ máa ń le gbandi bí náàfù. Átẹ́rì kékeré tó ti fún pọ̀ náà, o ò ní rí ihò rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan nǹkan nígbà ìdánwò, torí pé píìnì á yẹ̀. Ẹni tó fi ìka kẹ́kọ̀ọ́ á wá dúró pẹ̀lú ojú lásán. Máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, di ọwọ́ rẹ sẹ́yìn.

Ohun tí kì í tannijẹ ni ibi tí nǹkan ń lọ. Jẹ́ kí n fi abíyá tó ń dá Àdùkẹ́ láàmú ṣe àpẹẹrẹ.

Ká ní apá kan ló wà lórí tábìlì, wọ́n ti gé e kúrò lára òkú, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, píìnì wà nínú ohun kan tó gùn nínú abíyá. Má ṣe wo píìnì yẹn ná. Kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ òsì ni tàbí ọ̀tún. Dúró níbi tí ejìká á fi jìnnà sí ọ, kí ìka ọwọ́ kọjú sí ọ. Bí iwájú apá bá kọjú sókè, tí ìhà abíyá sì wà lápá òsì rẹ, ọwọ́ òsì ni. Bó bá wà lápá ọ̀tún rẹ, ọwọ́ ọ̀tún ni. Bí wọn ò bá gbà kí o rìn yí tábìlì ká, yí i nínú orí rẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá náàfù kan ṣoṣo tó ń gún iṣan wọlé. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè apá, láti ejìká wá sí àárín egungun apá, húmẹ́rọ́ọ̀sì. Kọ́rákò-bírékíálísì ni orúkọ rẹ̀. Náàfù tó la inú rẹ̀ kọjá, mọ́síkúlò-kuténíọ́ọ̀sì ni. Bí o bá ti rí i, ilẹ̀kùn ti ṣí. Tọ̀ ọ́ padà lọ sókè títí o fi dé ibi tó ti yà kúrò lára okùn náàfù ńlá. Okùn yẹn kan náà yọ gbòǹgbò mìíràn, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé gbòǹgbò kejì tó wá láti ìhà inú. Iwájú átẹ́rì abíyá ni méjèèjì ti pàdé, ohun tí wọ́n sì dà ni mídíánì. Okùn ìhà inú tó fún mídíánì ní gbòǹgbò kejì yẹn ló wá ń bá ìrìn rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ọ́línà. Bí o bá wò ó láti òkèèrè, lẹ́tà M ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yà sórí átẹ́rì.

Gbé M yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú átẹ́rì, èyí tó wà lẹ́yìn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú tíráísẹ́ẹ̀pù ni rédíà. Èyí tó yára fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sẹ́yìn, lábẹ́ orí húmẹ́rọ́ọ̀sì, ni náàfù akisílárì.

Pakute tí àwa olùkọ́ fẹ́ràn (ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́) ni náàfù tín-ín-rín kan tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́línà lókè apá, tó ń lọ sí awọ iwájú ìgbọ̀nwọ́ ní ìhà inú. Ìdajì kíláàsì ló máa ń kọ “ọ́línà”. Wo ìsàlẹ̀: ọ́línà gba ẹ̀yìn kókó egungun ìhà inú ìgúnpá kọjá, ibi tí iná máa ń jó ọ dé ọmọ-ìka bí o bá fi gbá tábìlì. Èyí tín-ín-rín yẹn kì í dé ẹ̀yìn kókó. Ó ti bá féènì basílíkì jáde sábẹ́ awọ láti àárín apá.

Àdùkẹ́_Ọdún_Kìíní

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹ ń sọ pé kí n má ṣe wo píìnì ni? Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ni mo ní o.

Dókítà_Ọ̀bẹ

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o wo píìnì gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láti mọ ẹ̀yà tó wà níwájú rẹ, márùn-ún fún ọ̀tún tàbí òsì, mẹ́wàá láti wá nǹkan tó dá ọ lójú láti fi ṣe àmì, bíi kọ́rákò-bírékíálísì yẹn. Láti ibẹ̀ ni wàá ti rìn lọ bá píìnì. Ó ṣì ku ju ìṣẹ́jú kan lọ fún kíkọ. Ẹni tó bá sáré lọ bá píìnì ló máa ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ wo nǹkan aláwọ̀ eérú kan tí kò mọ ibi tó ti wá.

Kọ́lá_Ìlú_Òtútù

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń kàwé, ọdún kìíní ni èmi náà. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀, a kì í gé òkú fúnra wa. Àwọn olùkọ́ ló ń gé e sílẹ̀ ṣáájú, àwa kàn ń wò ó. Ìdáhùn náà, inú àkójọ ni a ti ń mú un lórí kọ̀ǹpútà, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà mi ò mọ̀ bóyá ìmọ̀ràn mi á wúlò. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ àwòrán oníhà mẹ́ta lórí fóònù. O lè yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, o lè bó iṣan kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ó tó fún ẹni tí yàrá rẹ̀ kì í ṣí lójoojúmọ́.

Àdùkẹ́ sì lè kàn ya fọ́tò kadáfà wọn sílẹ̀, kó máa wò ó nílé.

Màmá_Tèmi_Dókítà

Kọ́lá, fọ́tò kẹ̀? Àwọn òfin yín lọ́hùn-ún tilẹ̀ le ju tibí lọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àdùkẹ́, má dán an wò o. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń lé ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí rẹ̀, yàtọ̀ sí pé òkú yẹn, ọmọ ẹnì kan ni.

Kọ́lá_Ìlú_Òtútù

Òótọ́ ni ẹ sọ mà. Ní tòdodo, wọ́n fi òfin Àsopọ̀ Ara Ènìyàn ti 2004 há wa létí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì ní kí a fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo gba ọ̀rọ̀ fọ́tò padà. Ẹ̀rọ oníhà mẹ́ta ni mo dúró lé lórí.

Tóbi_Egungun

Nínú ẹ̀rọ yẹn, átẹ́rì pupa, féènì búlúù, náàfù aláwọ̀ ìyeyè. Ohun tí Àdùkẹ́ ní òun ò lè ṣe gan-an ni ẹ̀rọ yẹn ń bá a ṣe.

Kọ́lá_Ìlú_Òtútù

A lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà o. Mo sọ gbogbo tèmi di eérú. Ó ṣiṣẹ́ fún mi, mi ò sọ pé dandan ni.

Ṣíjú_Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ parí sí abíyá. Àyà ló máa ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀, torí pé ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n máa ń dé ibẹ̀, ó sì ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ máàkì ọ̀fẹ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbé e kalẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ má ṣe ka iye ìpín lójú àkọ́kọ́. A ní ọ̀tún ní mẹ́ta, òsì ní méjì, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlàfo kékeré tó wà lára tọ̀tún lè má tán, ó lè má hàn, wọ́n á sì fi ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún bẹ́ẹ̀ tàn yín. Ẹ wo etí rẹ̀. Etí iwájú mú ṣáṣá, etí ẹ̀yìn rí ribiti. Ẹ gbé e kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ojú ibi tí àwọn òpó ti ń wọlé kọjú sí yín. Bí etí tó mú bá wà lápá òsì yín, ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ni. Bó bá wà lápá ọ̀tún yín, tòsì ni.

Ẹ wá wo ẹnu ọ̀nà náà, háílọ́ọ̀mù. Bíróńkọ́ọ̀sì, òpó tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí òun ló ní kẹrékẹré nínú ògiri rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í pa dé. Féènì ló wà níwájú àti nísàlẹ̀. Átẹ́rì wá ni ẹjọ́: lápá òsì, ó jókòó sórí bíróńkọ́ọ̀sì, lápá ọ̀tún, ó dúró níwájú rẹ̀. Lápá ọ̀tún yìí, ẹ̀ka bíróńkọ́ọ̀sì tó lọ sí ìpín òkè sábà máa ń jẹ́ ohun tó ga jù lọ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ti há a sórí pé “átẹ́rì ló wà lókè” á kọ átẹ́rì síbẹ̀, á sì pàdánù.

Ara ẹ̀dọ̀fóró òkú tó ti le sínú fọ́málínì, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, máa ń gbé àpá àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ipa ńlá tó yí lórí háílọ́ọ̀mù òsì tó sì sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ti aọ́tà, átẹ́rì tó tóbi jù lọ, ni. Lápá ọ̀tún, èyí tín-ín-rín tó yí lórí, féènì asáígọ́ọ̀sì ló fi sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ipa ńlá yẹn, ẹ ti mọ apá tó jẹ́ láìka ìpín kankan.

Àdùkẹ́_Ọdún_Kìíní

Ẹ̀gbọ́n Ṣíjú, ọkàn ńkọ́? Bí wọ́n bá là á sílẹ̀, mi ò mọ yàrá wo ni mo wà nínú rẹ̀.

Ṣíjú_Ẹ̀dọ̀fóró

Ògiri ni kí o fi wéra. Ti yàrá ìsàlẹ̀ òsì nípọn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta tọ̀tún. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá là, wá okùn iṣan kúkúrú kan tó nà láti ògiri àárín dé ẹsẹ̀ iṣan tó wà níwájú nínú yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Bó bá wà níbẹ̀, ọ̀tún ni. Inú yàrá òkè ọ̀tún, wàá rí ojú kòtò pẹlẹbẹ lára ògiri àárín, ibi tí ihò wà nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún. Àwọn mẹ́ta yẹn tó fún ọ ná. Ìyókù, ìwọ àti átílásì, ìwé àwòrán anátọ́mì.

Ẹlẹ́rìndòdò

Èmi o, fọ́málínì ló ń pa mí. Ojú mi á máa ṣomi, mi ò ní rí nǹkan kan mọ́. Mo máa ń lo lẹ́ǹsì inú ojú. Ṣé ẹnikẹ́ni ní oògùn tí a lè kán sí i?

Dókítà_Ọ̀bẹ

Má ṣe kán nǹkan kan sí i kí o tó wọlé. Yọ lẹ́ǹsì yẹn nílé, gíláàsì ni kí o wọ̀ lọ. Oru fọ́málínì máa ń ta ojú tó ní lẹ́ǹsì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dúró níbi tí fèrèsé tàbí fáànù wà, jáde lọ mí sínú atẹ́gùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń fún ọ láyà, tí o ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀rọ̀ dókítà ni, kì í ṣe ti ìjíròrò yìí.

Àdùkẹ́, ọ̀sẹ̀ kẹrin tí mo ṣèlérí. Ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún ẹ kó ara yín jọ. Lálaalẹ́, ẹnì kan ni olùkọ́. Ó gbọ́dọ̀ to ogún ibùdó sílẹ̀: egungun tí wọ́n fi báńdì rọ́bà tàbí bébà lẹ́mọ̀ sí ojú kan, àwòrán átílásì tí wọ́n ti fi bébà bo orúkọ rẹ̀. Ẹ fi agogo fóònù sí ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Ẹ jókòó tàbí ẹ dìde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé ara yín, ẹ máàkì rẹ̀ láìní àánú. “Náàfù mídíánì” láìsọ apá tó jẹ́, bí ìbéèrè bá ní kí a sọ apá, ìdajì máàkì. Ìkékúrú orúkọ, òdo. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò kọ dáadáa, ẹ fà á yọ, ẹni náà á kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Orúkọ bíi mọ́síkúlò-kuténíọ́ọ̀sì, ẹnu mọ̀ ọ́n, ọwọ́ kì í mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè kejì tó máa ń tẹ̀ lé orúkọ náà kò pọ̀ ní irú: iṣan wo ni náàfù yìí ń darí, kí ni kò ní lè ṣe bí wọ́n bá gé e, kí ló bá a gba ihò yìí kọjá. Bí o bá kọ mọ́síkúlò-kuténíọ́ọ̀sì, kí o ti mọ̀ pé kíká ìgúnpá á di aláìlágbára, àti pé awọ ìgbọ̀nwọ́ ní ìhà àtàǹpàkò á kú. Bí o ṣe ń kọ́ ohun kọ̀ọ̀kan nínú yàrá, bi ara rẹ ní àwọn mẹ́ta yẹn.

Màmá_Tèmi_Dókítà

Ọmọ mi obìnrin ṣe tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ohun tó sọ fún mi nígbà tó dé ni pé ibùdó kẹrìndínlógún ni wọ́n ní kó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìkíní. Àwọn ibùdó ìsinmi tí kò ní ìbéèrè náà ní nọ́ńbà tiwọn. Àwọn kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ láti òkè ìwé, tàbí tí wọn ò fo ìlà ìsinmi, gbogbo ìdáhùn wọn ló sún. Ẹ ti nọ́ńbà sínú àfiṣeré yín. Ẹ sì mú báírò dání, kì í ṣe yíńkì tó ń ṣàn. Omi máa ń wà lórí tábìlì wọ̀nyẹn.

Dókítà_Ọ̀bẹ

Mà, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ sọ ojú abẹ níkòó. Àwọn ìwé tó sún bẹ́ẹ̀ máa ń kó wàhálà bá àwa tó ń máàkì pàápàá. Àwọn olùkọ́ kan á tún un tò fún akẹ́kọ̀ọ́, àwọn mìíràn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Tóbi_Egungun

Ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀ o. Bí kò bá mọ ibùdó kan rárá, ṣé kó kọ nǹkan síbẹ̀ tàbí kó fi sílẹ̀? Èmi máa ń fi sílẹ̀, kí ọkàn mi lè wà lórí èyí tó kàn.

Ṣíjú_Ẹ̀dọ̀fóró

Kọ nǹkan. Bí wọn ò bá ní yọ máàkì fún àṣìṣe, òdo kan náà ni. O lè má mọ orúkọ iṣan, kí o mọ̀ pé iwájú apá ló wà, wàá sì lè fi ìyẹn dáhùn ìbéèrè kejì: mọ́síkúlò-kuténíọ́ọ̀sì ló ń darí ibẹ̀.

Tóbi_Egungun

Tí wọ́n bá ń yọ máàkì ńkọ́? Ibi tí mo ti kàwé ń yọ ọ́.

Ṣíjú_Ẹ̀dọ̀fóró

Kó béèrè nígbà náà. Tiwa kì í yọ ọ́.

Àdùkẹ́_Ọdún_Kìíní

Mo ti lọ béèrè lónìí. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ọ̀bẹ ṣẹ, wọ́n máa ti yàrá ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ọ̀sán kan á tún bọ́ lọ́wọ́ wa nítorí ìsinmi ìjọba, mẹ́jọ ló kù. Ní ti yíyọ máàkì, wọ́n ní àwọn ò tíì pinnu.

Mo ti pín in báyìí: ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́ ni mo dà pọ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ sí ọ̀sán kan, kí ọ̀sán ìrìn yíká tábìlì má bàa bọ́. Egungun, alẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní, bí Ẹ̀gbọ́n Ọ̀bẹ ṣe wí. Ẹ̀gbọ́n Tóbi, ẹ má bínú. Lójoojúmọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ti tuntun, màá ya M abíyá sórí bébà láìwo ìwé.

Dókítà_Ọ̀bẹ

Àtẹ́lẹwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́ lọ́sàn-án kan ti pọ̀ jù. Fi ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ sí ìparí ọ̀sán ẹ̀yìn ejìká ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa yí òkú padà. Wá wo bí náàfù rédíà ṣe ti ẹ̀yìn húmẹ́rọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀ láìdúró.

Tóbi_Egungun

Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́, nínú àpótí tí o yá yẹn, ka egungun ọrùn ọwọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́jọ ló yẹ kó wà. Èyí tó kéré bí ẹ̀wà yẹn ló máa ń sọnù.

Àdùkẹ́_Ọdún_Kìíní

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán. Méje ni.